Ta Ló Ru Ewu Dọ́là? Ínfọ́ìsì, Ẹlísíì àti Páálí Ẹja Yìnyín

Ní Ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́, ẹni tó fẹ́ ra ọ̀bọ̀kún tàbí àrọ̀ á bẹ̀rẹ̀ síbi abọ́, á nawọ́ sí èyí tó wù ú, wọ́n á ná an. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀, owó á bọ́ sọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja, ọ̀bẹ á sì bọ́ sára ẹja. Láti ìgbà tí ẹnu kò sí ìgbà tí owó yí ọwọ́, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Náírà ni wọ́n fi ná an, náírà ni wọ́n fi san án. Dọ́là ìbáà lọ sókè, ìbáà wálẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò ráyè wọ àárín àwọn méjèèjì.

Ti títọ́ọ̀sì inú páálí yàtọ̀. Òkèèrè ló ti ń bọ̀, dọ́là ni wọ́n fi kọ iye rẹ̀, ó sì lè tó oṣù mẹ́fà kí owó ẹja tí a ti jẹ tán tó di sísan. Inú àlàfo yẹn ni ewu pàṣípààrọ̀ ń gbé. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbí ni pé ínfọ́ìsì ló ń yan ẹni tí yóò ru ewu yìí. Lẹ́tà ìdúró báńkì tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ẹlísíì kì í sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ẹni tó rà. Bí yóò ti pẹ́ tó lórí rẹ̀ ló ń pinnu. Ọ̀pọ̀ akọ́jàwọlé ló ti jẹ gbèsè ńlá nítorí pé wọ́n pa méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ẹlísíì ń ṣe gan-an. Báńkì ẹni tó rà ló ń ṣèlérí fún ẹni tó tà pé, bí ó bá kó ìwé tó pé wá, òun yóò sanwó, bóyá lójú ẹsẹ̀, bóyá lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá. Ìlànà tí àwọn báńkì sábà ń tẹ̀ lé lórí rẹ̀ ni UCP 600, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2007. Abala kẹrin rẹ̀ sọ pé ẹlísíì dá dúró gedegbe sí àdéhùn ọjà. Abala karùn-ún ní ìwé ni báńkì ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹja. Abala kejìdínlógún sì pàṣẹ pé owó tí wọ́n fi kọ ẹlísíì ni kí wọ́n fi kọ ínfọ́ìsì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó dé báńkì ni ọ̀rọ̀ owó wo la ó fi ṣòwò ti parí. Ẹni tó ti gba dọ́là nínú àdéhùn kò lè dé ojú káńtà kó sọ pé náírà ti bàjẹ́, kí wọ́n ṣàánú òun.

Ká mú àpẹẹrẹ kan. Kọ̀ntínà oníyìnyín kan gba páálí 1,350, ogún kílò nínú páálí kọ̀ọ̀kan, dọ́là méjì fún kílò kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 54,000. Wọ́n dì í sínú ọkọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2023, lórí ẹlísíì tí yóò di sísan ní 180 ọjọ́ lẹ́yìn ọjọ́ ìwé ẹrù. Náírà 461 ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba nígbà náà, nítorí náà ẹja inú páálí kan jẹ́ náírà 18,440. Akọ́jàwọlé fi owó orí, owó kóòlù rúùmù àti èrè díẹ̀ lé e, ó tà á fún àwọn aláràtúntà. Kí oṣù karùn-ún tó parí, ẹja ti dé inú ọbẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ tú okùn ọrùn náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá tí ẹlísíì pé, dọ́là kan ti tó nǹkan bíi 750. Páálí tó jẹ́ 18,440 di 30,000, lórí ẹja tí kò sí mọ́. Náírà 24,894,000 ti di 40,500,000. Mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ló kù tí kò sí oníbàárà tí a lè lọ bá pé kó fi kún un. Ìyá tó ra páálí méjì ti sanwó rẹ̀ ní náírà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti parí. Páálí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò fara gbá ọ̀wọ́n náà.

Ká ní ínfọ́ìsì jẹ́ náírà ńkọ́? Akọ́jàwọlé ì bá san 24,894,000 tó jẹ, ẹni tó tà á sì gba nǹkan bíi dọ́là 33,200 dípò 54,000. Ewu náà kò parẹ́, ó kàn ṣí lọ ni. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ òwò kì í gba náírà láìbu owó ìbẹ̀rù lé e. Ní ọdún 1973, Sven Grassman fi òwò ilẹ̀ Súwídìn hàn pé owó ẹni tó tà ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ínfọ́ìsì. Gita Gopinath àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2020 pé dọ́là ló gba ipò yẹn ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹlẹ́ja ará Nọ́wè tó ta ẹja ní dọ́là náà ru ewu, nítorí owó ilẹ̀ rẹ̀ ló fi ń san owó òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó lè ta dọ́là tó ń bọ̀ fún báńkì rẹ̀ lónìí ní iye tí wọ́n ti dá, kó sì sùn. Akọ́jàwọlé wa kò ní irú ibùsùn bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ó ní in. Báńkì Àpapọ̀ ń ta dọ́là ọjọ́ iwájú nígbà náà, àwọn èèyàn sì kó náírà wọn sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ọjọ́ pé, dọ́là kò dé. Gbèsè tó dúró tó nǹkan bíi bílíọ̀nù méje dọ́là, nígbà tó sì di oṣù kejì ọdún 2024, gómìnà báńkì náà kéde pé bílíọ̀nù 2.4 dọ́là nínú rẹ̀ kò yege nínú àyẹ̀wò. Ààbò tó jẹ́ pé ẹni tó tà á lè má rí i san kì í ṣe ààbò. Ó dùn mí láti kọ ọ́, torí ẹni tó ra irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aláìbìkítà. Ohun tó yẹ kó ṣe ló ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rú èèyàn lójú jù ni owó ìdúró. Báńkì lè ní kí akọ́jàwọlé kó gbogbo náírà 24,894,000 sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ẹlísíì. Ó kó o sílẹ̀, ó délé, ó ní òun ti sanwó. Kò tíì san nǹkan kan. Náírà tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ náírà náà ni, bí náírà bá sì ṣe ń yọ́ ni òun náà ń yọ́. Ìwé tí báńkì fún un ló máa fi mọ̀. Bí ìwé náà bá kọ iye dọ́là tí wọ́n tà fún un, iye tí wọ́n tà á, àti ọjọ́ tí dọ́là náà wọ àkáǹtì ẹlísíì rẹ̀, ewu ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́ pé wọ́n fi náírà ṣe ìdúró nìkan, ọrùn rẹ̀ ló ṣì wà, báńkì á sì pè é padà pé kó wá fi owó kún un.

Ẹlísíì alọ́jọ́ gígùn ni àwọn èèyàn fẹ́ràn, wọ́n ní ó ń fún àwọn láyè láti ta ẹja kí àwọn tó sanwó. Òótọ́ ni bí náírà bá dúró. Ṣùgbọ́n ẹja tó ń tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò nílò 180 ọjọ́. Ẹni tó bá ń fi náírà tó ń wọlé ra dọ́là bí ẹja ṣe ń tán, kó tó di ọjọ́ sísan, ti gé àlàfo náà kúrú. Ẹni tó bá fi náírà náà ṣí ẹlísíì mìíràn ti fi ewu méjì lé ara rẹ̀, àwọn bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún 2023 bá lójijì jù.

Pínpín ewu náà ṣeé ṣe, àmọ́ inú àdéhùn ọjà ló ti yẹ kó wà, nítorí iye inú ẹlísíì kò ṣeé yí láìjẹ́ pé gbogbo àwọn tó wà nídìí rẹ̀ gbà. Wọ́n lè kọ ọ́ pé, bí dọ́là bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè kí ọjọ́ sísan tó pé, kí ẹni tó tà ru ìdajì ohun tó lé. Ẹlísíì yóò ṣì di sísan pérépéré, kí ẹni tó tà wá yọ ìpín tirẹ̀ kúrò nínú ínfọ́ìsì ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Nínú àpẹẹrẹ wa, 507.10 ni àlà náà. Àlàfo láti ibẹ̀ dé 750 jẹ́ náírà 242.90 lórí dọ́là kan. Ìdajì rẹ̀ lórí dọ́là 54,000 jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ náírà ó lé díẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi dọ́là 8,740 tí wọn yóò yọ nínú kọ̀ntínà kejì. Àwọn tó ti bára wọn ṣòwò fún ọdún pípẹ́ nìkan ló lè ṣe é, torí ẹni tí kò ní kọ̀ntínà kejì lọ́kàn kò ní ibi tí yóò ti yọ ọ́.