Àwo Gbèsè, Àwo Tiwa

Ìyá kan tó ń ta àmàlà ní Mókólà, n'Ìbàdàn, ló ní kí n bá òun kọ àbá ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà nínú rẹ̀ ni yóò yá a lówó, àwọn tó sì máa jókòó gbọ́ àbá náà kò fẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo rò pé ọjọ́ kan péré ló máa gbà mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, ọ̀rọ̀ ló sì dá mi dúró, kì í ṣe ìṣirò.

“Ẹ̀ka” ni mo kọ́kọ́ kọ, gẹ́gẹ́ bí báńkì ṣe ń kọ ọ́. Màmá wò ó, ó ní, “Ẹ̀ka ò ní gbòǹgbò, ara igi ló ti ń jẹun. Ṣé bí tèmi ṣe máa rí nìyẹn?” Mo fẹ́ bá a jiyàn, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ń gba ìyẹ̀fun àmàlà àti owó òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́ ni ẹ̀ka. Ohun tí òun ń wá dà bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n yọ lọ gbìn síbòmíràn. “Ṣọ́ọ̀bù kejì” la padà kọ.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni èrè. Lẹ́nu oníṣòwò wa, èrè lè jẹ́ ohun tó kù lẹ́yìn owó ọjà, ó sì lè jẹ́ ohun tó kù lẹ́yìn gbogbo ìnáwó. Méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ nínú àbá á yá owó tí kò ní lè san. Tí wọ́n bá ta àwo kan ní ₦2,500, tí ìyẹ̀fun, gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹran, gáàsì àti omi sì jẹ ₦1,600 nínú rẹ̀, ₦900 ló kù. Kò tíì di èrè, nítorí onílé kò tíì gba tirẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn gan-an ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo ń wá. Alájẹṣẹ́kù ni ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Mo pe ₦900 náà ní “ìṣẹ́kù àwo”, mo sì fi èrè sílẹ̀ fún ohun tó bá kù lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti gba tiwọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá kan ohun tí àwọn oníṣirò ń pè ní bíréèkì-ífìn. Mo gbìyànjú “ojú ìdọ́gba”. Ọ̀rọ̀ náà dára lójú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tí yóò mọ ohun tó yẹ kó ṣe lọ́la. Nítorí náà mo ṣe ìṣirò fún Màmá. Lóṣù, òṣìṣẹ́ márùn-ún ní ₦70,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦350,000. Díísù àti àtúnṣe jẹ́ ₦180,000. Owó ilé jẹ́ ₦1,200,000 lọ́dún, ìyẹn ₦100,000 lóṣù. Owó tí yóò máa san padà fún ẹgbẹ́ jẹ́ ₦270,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦900,000. Tí a bá fi ìṣẹ́kù àwo pín in, ẹgbẹ̀rún kan àwo ni lóṣù, tí wọ́n bá sì ń ta fún ọjọ́ 26, àwo 39 lóòjọ́.

Màmá dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Nítorí náà, àwo mọ́kàndínlógójì tí mo kọ́kọ́ tà lójúmọ́, ti onílé ni, ti òṣìṣẹ́ ni, ti ẹgbẹ́ ni. Láti orí ogójì ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀.” Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé nìyẹn. Ohun tó wà nínú àbá náà títí dòní ni “àwo gbèsè” àti “àwo tiwa”.

Ibi tí a óò gbé ṣọ́ọ̀bù náà sí ló kù. Àwọn tó ń kọ irú àbá yìí ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún àwọn tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ní tiwa, mẹ́ta ló wà tí a kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀: èrò, ará ibẹ̀ àti oníbàárà. Ní Ìwó Road tí a kọ́kọ́ wò, èrò pọ̀ bí omi, ṣùgbọ́n èrò ń lọ ni. Àpò wà lọ́wọ́ rẹ̀, mọ́tò rẹ̀ ń pè é, àmàlà kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jẹ nínú bọ́ọ̀sì. Mo jókòó níbẹ̀ ní ọ̀sán mẹ́ta, láti agogo méjìlá sí agogo méjì, mo sì ń ka àwọn tó wọ ilé oúnjẹ tó wà nítòsí. Àwọn ará ibẹ̀ ló ń wọlé jù, ìyẹn awakọ̀ tó ń dúró de èrò, àwọn tó ń ta táyà, àwọn mẹkáníìkì. Nítorí náà, iye ará ibẹ̀ ni mo kọ sínú àbá.

Ibòmíràn tí Màmá fẹ́ràn ni ẹ̀gbẹ́ Sẹkitéríàtì ní Agodi. Owó ilé ibẹ̀ kò ju ti Ìwó Road lọ, ibẹ̀ mọ́ tónítóní, òṣìṣẹ́ ìjọba sì pọ̀. Ọkàn mi náà fà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé, nítorí náà ọjọ́ 22 ni a óò fi pín ẹgbẹ̀rún àwo yẹn, àwo gbèsè á sì di 46. Mo ní kí àwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ ní Mókólà máa bi oníbàárà léèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Nínú bí àwo 180 tí wọ́n ń tà lójúmọ́, nǹkan bí 30 ló jẹ́ ti àwọn tó ń ti Sẹkitéríàtì wá. Tí a bá ta àwo 50 níbẹ̀, 20 péré ló jẹ́ tuntun, ìyókù ni a kàn gbé láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Mo ń ronú ohun tí mo máa pe ìyẹn, Màmá ti pè é kí n tó rí i: “jíja ara ẹni lólè”. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Ìwó Road la mú.

Ní ti owó, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́: ẹ̀yáwó, èlé, onídùúró, ojú owó. Màmá ní ₦1,800,000 nínú ẹgbẹ́, òfin wọn sì gbà kó yá ìlọ́po méjì rẹ̀, ₦3,600,000. Èlé gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦450,000, oṣù 15 ni yóò fi san án. Mo ní láti là á yé àwọn tó ń gbọ́ àbá náà pé orí gbogbo owó ni wọ́n ti ṣírò èlé náà, kì í ṣe orí èyí tó ṣẹ́kù, torí náà bó tilẹ̀ san ìdajì, èlé oṣù kò ní dín. Nínú ẹ̀yáwó náà, onílé fẹ́ owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú àgírímẹ́ǹtì àti kọmísọ́ọ̀nù, ó di ₦2,640,000. Ẹnì kan nínú wọn bi mí pé ṣebí a ti san owó ilé, kí ló dé tí ₦100,000 ṣì wà nínú ìnáwó oṣù? Nítorí onílé á tún padà wá ni. “Owó onílé tó ń bọ̀” ni mo pe ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ kọ̀. Mo ti kọ pé fíríjì ńlá méjì àti jẹnẹrétọ̀ jẹ́ “ohun ìdógò”. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́yìn gbé ọwọ́ sókè. Ó ní láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá dógò tì nílé, ológò á wá jókòó síbẹ̀, á máa pariwo, á máa pa adìyẹ onílé jẹ títí wọ́n á fi sanwó. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ orúkọ obìnrin tó ń san àjọ rẹ̀ déédéé. Mo ṣàlàyé pé “fi dógò” yàtọ̀ sí “dógò tì”. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ láti ìta kò ní mọ̀. A fi “ohun ìdúró” rọ́pò rẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i, Màmá sì ní kí wọ́n gbé àmàlà wá.