Ọ̀nà Kruskal àti Ọ̀nà Prim: Ìtàn Ìṣirò Méjì Tí Èsì Wọn Jẹ́ Ọ̀kan, 1926 sí 1959

1. Ìfáàrà

Bí ìlú mélòó kan bá fẹ́ pín iná mànàmáná láàárín ara wọn, kò pọn dandan kí wáyà ti inú ìlú kọ̀ọ̀kan lọ tààrà sí gbogbo ìlú yòókù. Kí wáyà ṣáà ti lè gba ibì kan dé ibi gbogbo, kí àpapọ̀ owó rẹ̀ sì kéré jù lọ. Ìsopọ̀ 4 tó fún ìlú 5. Bí wọ́n bá di 5, òbìrìkìtì kan ti wà níbẹ̀, owó sì ti ṣòfò. Ìṣètò tí kò ní òbìrìkìtì yìí ni a pè ní igi, nítorí pé ẹ̀ka igi kì í padà wá so mọ́ ara wọn. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà méjì tí a mọ̀ jù fún wíwá igi tí owó rẹ̀ kéré jù lọ kò sí nínú èsì. Inú ohun tí aṣírò ní láti dì mọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ló wà.

2. Bí Ọ̀nà Méjèèjì Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní 1926, Otakar Borůvka ní ìlú Brno kọ ìwé lórí ìbéèrè yìí, èyí tí iṣẹ́ fífa iná mànàmáná ní Moravia gbé dé iwájú rẹ̀. Vojtěch Jarník ka iṣẹ́ náà, ó sì tẹ ọ̀nà tó rọrùn jù ú lọ jáde ní 1930. Ìlú kan ṣoṣo ni Jarník fi bẹ̀rẹ̀, tó sì ń fi ìlú mìíràn kún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Amẹ́ríkà, Joseph Kruskal tẹ ọ̀nà tirẹ̀ jáde ní 1956, ó sì dárúkọ Borůvka nínú rẹ̀. Ní 1957, Robert Prim ti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Bell fúnra rẹ̀ ṣàwárí ohun tí Jarník ti rí ní ọdún 27 ṣáájú. Edsger Dijkstra náà tún dé ibẹ̀ ní 1959. Orúkọ Prim ló wá dúró.

3. Àpẹẹrẹ Láti Agbègbè Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun

Ẹ jẹ́ kí a mú ìlú 5: Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, Ìlobùú, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, Òṣogbo àti Ẹdẹ. Iye owó tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ àfiṣàpẹẹrẹ lásán, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni wọ̀n lójú ọ̀nà.

Ẹ̀rìn sí Ìlobùú: 2
Ìlobùú sí Ìfọ́n: 3
Ẹ̀rìn sí Ìfọ́n: 4
Òṣogbo sí Ẹdẹ: 5
Ìfọ́n sí Òṣogbo: 6
Ìlobùú sí Òṣogbo: 7
Ẹ̀rìn sí Ẹdẹ: 9

Kruskal a kọ́kọ́ to gbogbo wọn láti orí èyí tó kéré jù. Yóò mú 2 àti 3. Yóò kọ 4 sílẹ̀, nítorí pé Ẹ̀rìn àti Ìfọ́n ti wà pa pọ̀. Yóò mú 5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òṣogbo àti Ẹdẹ kò tíì kan àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ni 6 yóò so apá méjèèjì pọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16.

Prim tó bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀rìn yóò mú 2, yóò mú 3, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ kan 5, nítorí pé kò sí ìkankan nínú ìlú méjèèjì tó ti wọ inú agbo. Yóò mú 6 kí ó tó mú 5. Àpapọ̀ rẹ̀ náà jẹ́ 16.

Ìlànà kan ló gbé àwọn méjèèjì ró, Prim sì sọ ọ́ kedere: agbo ìlú èyíkéyìí lè fi ìsopọ̀ tí owó rẹ̀ kéré jù kan àwọn tó wà lóde, láìsí ewu. Bí igi kan bá kọ ìsopọ̀ náà sílẹ̀, tí a sì fi í kún un, òbìrìkìtì yóò yọ. Òbìrìkìtì náà gbọ́dọ̀ tún gba ibòmíràn jáde kúrò nínú agbo, níbi tí owó kò lè kéré ju èyí lọ. Èyíinì ni kí a gé kúrò.

4. Àríyànjiyàn 1959

Dijkstra sọ pé ọ̀nà tirẹ̀ sàn ju ti Kruskal lọ, nítorí pé Kruskal ní láti kó gbogbo ìsopọ̀ pamọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìlú bá jẹ́ 100, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè kan gbogbo yòókù, ìsopọ̀ jẹ́ 4,950, nígbà tí ọ̀nà Dijkstra kò di ju 100 lọ mọ́wọ́. Nínú kọ̀ǹpútà ìgbà náà, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n níbi tí ìsopọ̀ kò ti pọ̀, bí 7 tó wà lókè yìí, ẹ̀sùn náà kò lágbára mọ́.

Ìwé kan náà tún yanjú ìbéèrè ọ̀nà tó kúrú jù láàárín ìlú méjì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń da méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá ń ka owó láti Ẹ̀rìn wá, dípò láti ara agbo, yóò mú 2, 4, 7 àti 9. Àpapọ̀ rẹ̀ di 22. Àmì àṣìṣe náà ni pé 3 ṣì wà nílẹ̀ láìlò, bẹ́ẹ̀ ni 4 tó ju ú lọ wà nínú igi, nínú òbìrìkìtì kan náà.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ẹni tó ní àkójọ ìsopọ̀ díẹ̀ tó ti tò tán kò ní ìdí láti sá fún Kruskal. Ẹni tí ìlú rẹ̀ pọ̀, tí gbogbo wọn sì lè kan ara wọn, ni Jarník ti ṣiṣẹ́ fún láti 1930.