Owó kúrò ní báńkì, ìsọ̀ ní òun kò rí i: Ìtàn sísan owó káàdì lórí ìntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà

Ẹni tó bá ti fi káàdì ra ọjà lórí ìntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà á mọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì ti wọlé pé owó ti jáde, àmọ́ ìsọ̀ tí onítọ̀hún ti ń rajà ní òun kò rí owó kankan. Ó tún tẹ bọ́tìnnì, owó tún jáde lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní jìbìtì ni, àwọn mìíràn á ní nẹ́tíwọọ̀kì ló burú. Nẹ́tíwọọ̀kì lọ́wọ́ nínú ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro yìí ti wà kí ẹnikẹ́ni tó máa rajà lórí ìntánẹ́ẹ̀tì.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àárín ẹ̀rọ méjì

Lọ́dún 1987 ni àjọ tó ń gbé òdiwọ̀n kalẹ̀ fún gbogbo àgbáyé, ISO, gbé ìlànà kan jáde tó ń jẹ́ ISO 8583. Òun ni èdè tí ẹ̀rọ ATM, ẹ̀rọ POS àti báńkì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa káàdì, wọ́n sì ń lò ó di òní. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. 0200 ń sọ fún báńkì pé kó yọ owó, 0210 sì ni èsì tí báńkì máa fi padà.

Àárín méjèèjì ni wàhálà wà. Bí 0200 bá dé báńkì, tí báńkì yọ owó, àmọ́ tí 0210 sọnù lọ́nà, ẹ̀rọ tó béèrè kò ní mọ̀. Yálà ìbéèrè rẹ̀ ló sọnù tàbí èsì, ohun kan náà ló máa gbọ́: ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìlànà náà fi ní iṣẹ́ mìíràn, 0420, tó ń sọ fún báńkì pé bó bá ti yọ owó yẹn, kó dá a padà. Ẹ̀rọ á máa fi ránṣẹ́ léraléra títí báńkì á fi dáhùn.

Àwọn tó ṣe ìlànà yìí mọ̀ pé ẹni tó dákẹ́ kò tíì sọ pé rárá. Àìmọye ìsọ̀ orí ìntánẹ́ẹ̀tì ló ṣì ń ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sí pé owó kò jáde, ibẹ̀ sì ni sísan lẹ́ẹ̀mejì ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Láti Interswitch dé Paystack

Ọdún 2002 ni wọ́n dá Interswitch sílẹ̀ láti so ẹ̀rọ àwọn báńkì Nàìjíríà pọ̀ mọ́ra wọn. Lọ́dún 2012, Báńkì Àpapọ̀, CBN, bẹ̀rẹ̀ ètò ìdínkù níná owó bébà láti ìlú Èkó. Ọdún yẹn náà ni Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ọjà títà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníbàárà ló fẹ́ san owó nígbà tí ọjà bá dé ẹnu ọ̀nà. Kò yani lẹ́nu. Ẹni tó sanwó nígbà tó di ọjà mú kò ní máa wá owó rẹ̀ kiri.

Lọ́dún 2015 ni Ṣọlá Akinlade àti Ezra Olubi dá Paystack sílẹ̀, Flutterwave sì tẹ̀lé e lọ́dún 2016. Stripe ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 pé òun ra Paystack, owó tí wọ́n dárúkọ sì lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ yìí yí padà ni pé ẹni tó mọ kọ́ńpútà lò lè fi ìlà kóòdù díẹ̀ so ìsọ̀ rẹ̀ mọ́ káàdì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àtijọ́ kò kúrò ńbẹ̀. Ńṣe ló kúrò lọ́wọ́ báńkì, ó bọ́ sọ́wọ́ onísọ̀.

Ọ́dà kan ní Kano

Ẹ jẹ́ ká sọ pé oníṣòwò kan ń ta aṣọ láti Kano, obìnrin kan ní Port Harcourt sì fẹ́ ra ti 18,500 náírà. Ọ́dà náà jẹ́ 2041. Kí ìsọ̀ tó kàn sí Paystack rárá, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́dà yìí sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ó ṣì ń dúró de owó, kó sì fún ìgbìyànjú àkọ́kọ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀, bíi `KN-2041-1`. Lẹ́yìn náà ni sáfà rẹ̀ á fi èyí ránṣẹ́:

```
POST https://api.paystack.co/transaction/initialize
{"email":"...", "amount":1850000, "reference":"KN-2041-1"}
```

Kọ́bọ̀ ni wọ́n ń kà níbẹ̀, kì í ṣe náírà. Ẹni tó bá kọ 18500 ti ta aṣọ náà ní 185 náírà.

Paystack á dá línkì padà, obìnrin náà á tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ síbẹ̀, báńkì á sì yọ owó. Kí wọ́n tó dá a padà sí ìsọ̀, dátà rẹ̀ tán. Bó bá jẹ́ ojú ìwé "ẹ ṣeun" nìkan ni oníṣòwò náà fi ń mọ̀ pé owó wọlé, kò ní mọ̀ láéláé. Ìyẹn nìkan kọ́, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ àdírẹ́sì ojú ìwé yẹn láìsan kọ́bọ̀.

Ìdí nìyẹn tí Paystack fi ń fi ìròyìn `charge.success` ránṣẹ́ tààrà sí sáfà onísọ̀, láìgba ọ̀dọ̀ oníbàárà kọjá. Àmì ìdánimọ̀ kan, `x-paystack-signature`, máa ń bá a wá, èyí tí onísọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kó tó gbà á gbọ́. Kó wò ó bákan náà bóyá iye owó bá ti ọ́dà mu. Bí sáfà kò bá fèsì, Paystack á tún ìròyìn náà fi ránṣẹ́, nítorí náà ìròyìn kan lè dé lẹ́ẹ̀mẹta.

Bí obìnrin náà bá padà wá tẹ bọ́tìnnì, kí ìsọ̀ má tíì gba owó tuntun. Kó kọ́kọ́ bi Paystack léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí `KN-2041-1`, nípa `/transaction/verify/KN-2041-1`. Bí èsì bá jẹ́ `success`, ọ̀rọ̀ parí, kó fi rìsíìtì hàn án. Bó bá jẹ́ `failed` tàbí `abandoned`, ó lè ṣí `KN-2041-2`.

Síbẹ̀, obìnrin náà lè ti fi ojú ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí, kó sì san owó sí méjèèjì. Ìlà kan ló máa mú èyí:

```
UPDATE orders SET status='paid', paid_ref='KN-2041-2'
WHERE id=2041 AND status='pending';
```

Bí ìlà kan bá yí padà, owó àkọ́kọ́ nìyẹn, kí aṣọ máa lọ. Bí ìlà kankan kò bá yí, ẹnìkan ti san owó ṣáájú. Kí onísọ̀ wá wo `paid_ref` tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà, ìròyìn àtijọ́ ló tún dé, kò sí nǹkan kan láti ṣe. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mìíràn, obìnrin náà ti san lẹ́ẹ̀mejì ní tòótọ́, kí wọ́n dá èyí tó dé kẹ́yìn padà fún un lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí owó kò dé ọ̀dọ̀ onísọ̀

Ọ̀kan wà tí kóòdù onísọ̀ kò lè yanjú: báńkì yọ owó, Paystack sì ní `failed`. Owó náà kò dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò Kano rárá. Bó bá ti àánú dá a padà láti àpò ara rẹ̀, báńkì náà á dá tirẹ̀ padà, òun ni yóò sì pàdánù. Báńkì tó fún obìnrin náà ní káàdì ló yẹ kó lọ bá, pẹ̀lú ọjọ́, iye owó àti nọ́ńbà ìsanwó náà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2020, CBN ti pàṣẹ pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lórí POS tàbí ìntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ parí láàrin wákàtí 72. Ọjọ́ márùn-ún ni tẹ́lẹ̀.