Tó bá ti di ìrọ̀rí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó lè sùn, ẹ wá gbọ́ èyí

Ìrọ̀rí kan ṣoṣo ni bọ̀ọ̀dá mi máa ń lò tẹ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, ó di méjì. Nígbà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, ó ti di mẹ́ta, nígbà míì á sì lọ sùn lórí àga ní pálọ̀. Ẹni ọdún 46 ni, kì í mu sìgá, páàtì mọ́tò ló ń tà. Kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí sí àìsàn nínú wa. A rò pé iṣẹ́ ló ń rẹ̀ ẹ́ ni.

Lóru ọjọ́ kan, ó sùn ní aago mọ́kànlá. Nígbà tó di nǹkan bí aago kan, ó fò dìde lójijì, ó sáré lọ ṣí fèrèsé, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ bí ẹni tó sáré láti Ojúẹlẹ́gbà dé Yábàá. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí èémí rẹ̀ tó balẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ogun òru ni. Kẹ́míìsì àdúgbò ta oògùn ibà fún un. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 190/115, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú, ọkàn rẹ̀ sì ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé wọ́n ti sọ fún un ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó lo oògùn fún oṣù mẹ́ta, ara rẹ̀ yá, ló bá pa á tì.

Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tó bá dùbúlẹ̀ ni?

Tá a bá wà lórí ìdúró tàbí ìjókòó, díẹ̀ lára ẹ̀jẹ̀ àti omi ara máa ń dúró sí ẹsẹ̀. Tá a bá ti dùbúlẹ̀, á padà wá sí àyà. Ọkàn tó lágbára á kàn tì í lọ síwájú ni, a ò ní mọ nǹkan kan. Àmọ́ ọkàn tó ti rẹ̀ tàbí tó ti le kò ní lè tì í tán. Ẹ̀jẹ̀ á wá dúró sẹ́yìn nínú ẹ̀dọ̀fóró, omi á sì máa jò sí ibi tó yẹ kí atẹ́gùn wà.

Ìdí nìyẹn tí ìrọ̀rí fi ń ranni lọ́wọ́: ó ń gbé àyà sókè, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà wá á sì dín kù. Ẹ má ṣe bínú sí dókítà tó bá bi yín pé, "Ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn?" Kì í ṣe àwàdà.

Ọ̀nà méjì ló ń gbà wá. Èkíní, èèyàn á dùbúlẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan èémí rẹ̀ á ti kúrú. Ìkejì ni ti bọ̀ọ̀dá mi: èèyàn á sùn wọra fún nǹkan bíi wákàtí kan tàbí méjì, á wá jí bí ẹni tí omi fẹ́ gbé. Omi tó ti wú ẹsẹ̀ lọ́sàn-án kì í tètè wọnú ẹ̀jẹ̀ padà, ìyẹn ni kì í fi í ṣe kíá.

Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú ló sábà máa ń ba ọkàn jẹ́ dé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ fetí sí èyí náà: láti oṣù tó kẹ́yìn oyún títí dé bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, ọkàn obìnrin míì máa ń rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ní àìsàn ọkàn rí. Wọ́n á ní wàhálà ọmọ ni. Tí ìyá ọmọ ò bá lè sùn gbalaja, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú sí i, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ọkàn.

Ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró

Ikọ́ fée náà máa ń jí èèyàn, ṣùgbọ́n ìdájí ló sábà máa ń yọjú. Àyà á máa dún bíi fèrè, ikọ́ gbígbẹ á tẹ̀ lé e, pàápàá tí eruku tàbí èéfín jẹnẹrétọ̀ bá wọnú yàrá. Oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu ló ń tú u, ìjókòó nìkan kì í sábà tó. Ti ẹni tó ti ń mu sìgá tàbí tó ti ń fi igi dáná láti ọdún pípẹ́ tún yàtọ̀: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dí i lọ́nà, tó bá ti wú u jáde, ara á tù ú.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà rèé: omi inú ẹ̀dọ̀fóró náà lè mú kí àyà dún bíi fèrè. Tẹ́nì kan bá ti lé lógójì ọdún, tí kò ní ikọ́ fée rí, tó wá ń gbọ́ fèrè láyà rẹ̀ lóru, kó lọ yẹ ọkàn wò kó tó ra oògùn àfínsẹ́nu.

Ogun òru àti híhanrun ńkọ́?

Ẹni tó ń hanrun gan-an, tí èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun, máa ń ta gìrì bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó ti parí, àmọ́ oorun á máa kùn ún lójú ọ̀sán. Èyí tá à ń pè ní ogun òru, èèyàn á jí ṣùgbọ́n kò ní lè gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, kì í sì pẹ́ lọ. Kò ní kẹ́ ẹ máa fi ìrọ̀rí kún ìrọ̀rí, kì í sì í wú ẹsẹ̀.

Ìrọ̀rí nìkan ò lè dájọ́ o. Ẹni tó sanra púpọ̀, àti ẹni tí omi kíkan ń ti ikùn padà sọ́nà ọ̀fun, náà máa ń gbé orí sókè sùn.

Ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún dókítà

Ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn báyìí, mélòó ni lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn? Lẹ́yìn wákàtí mélòó lẹ máa ń jí? Ìṣẹ́jú mélòó ló ń gbà kó tó rọlẹ̀, kí ló sì mú un rọlẹ̀: ìjókòó, ikọ́, àbí oògùn? Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun. Tí ibẹ̀ bá kó sínú tí kò tètè padà, ẹ sọ ọ́. Ẹ gun ìwọ̀n láràárọ̀. Tí kílò méjì bá lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò, títí kan àgbo àti oògùn ara ríro bí ibuprófẹ́ẹ̀nì, torí ó máa ń mú kí ara di iyọ̀ àti omi mú.

Dókítà á wọn ìfúnpá, á ya fọ́tò àyà àti bí ọkàn ṣe ń lù. Èyí tó ń fi hàn jù ni àwòrán ọkàn, tí wọ́n fi irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún yà. Ẹ má lọ ra oògùn atọ̀ fúnra yín. Ó lè fa àwọn èròjà tí ọkàn nílò jáde.

Ìgbà tí kò gbọ́dọ̀ di àárọ̀

Tí èémí ò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó, tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán, tí ahọ́n tàbí inú ètè ń dúdú bí aró, tí ìfófòó tó pọ́n díẹ̀ ń jáde lẹ́nu, tàbí tí àyà ń dùn ún, ọsibítù ni lóru náà. Ẹ jẹ́ kó jókòó, kó sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fipá tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹ pe 112.

Bọ̀ọ̀dá mi ti padà sí ìrọ̀rí kan. Oògùn mẹ́rin ló ń lò lójúmọ́, ó ti dín iyọ̀ àti mágí kù, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń ka ìrọ̀rí báyìí. Ó ní tó bá di méjì, àwọn ò ní dúró de ẹ̀kẹta.