Láti Orí Ọdún Dé Orí Wákàtí: Ìtàn Ìṣirò Àkókò Ìkọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn Àtijọ́

1.0 Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá rìn láti Bẹẹrẹ, tí ó gba ẹsẹ̀ òkè Mápó kọjá sí Ọjà'ba àti Bẹyẹrúnká, yóò rí ibi tí aránṣọ, káfíńtà tàbí onídìrí ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Bí a bá bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ léèrè ìgbà tí yóò gba fìrídọ́ọ̀mù, ọdún ni yóò dárúkọ: ọdún mẹ́ta, tàbí ọdún mẹ́rin. Kò wọ́pọ̀ kí ó dárúkọ wákàtí. Ìbéèrè méjì ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn. Èkíní ni bí ó ṣe di pé ọdún ni a fi ń wọn ìkọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn. Èkejì ni ohun tí ó ń sọnù mọ́ ọmọ-iṣẹ́ àti ọ̀gá lọ́wọ́ nígbà tí a kò bá ka wákàtí tí ó wà nínú ọdún náà kí a tó fún ọmọ ní ìwé ẹ̀rí.

2.0 Ìgbà tí iṣẹ́ jẹ́ ti agbo ilé

Ní Ìbàdàn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, agbo ilé ni ó ni iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ń dàgbà sídìí ẹwìrì, ọmọ ahunṣọ ń dàgbà sídìí òfì. Peter Lloyd, tí ó kọ nípa ètò àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní àwọn ìlú Yorùbá ní ọdún 1953, fi hàn pé ìdílé ni ó di irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mú. Nínú ètò yìí, kò sí ọjọ́ kan pàtó tí a lè tọ́ka sí pé ọmọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kò sì sí ọjọ́ tí a lè sọ pé ó parí. Ojú àgbà ni òṣùwọ̀n. Nígbà tí bàbá bá rí i pé ọkọ́ tí ọmọ rọ kò ní tètè ṣẹ́, ó mọ̀ pé ọmọ ti tó gbé irin fún. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ kò ní kúrò ní agbo ilé, kò sí ohun tí ó mú kí a ka ọjọ́ fún un.

3.0 Ìgbà tí ìwé àdéhùn dé

Ẹ̀rọ ìránṣọ, iṣẹ́ káfíńtà ìgbàlódé àti àtúnṣe ọkọ̀ kò ní agbo ilé kankan tí ó jogún wọn. Ọmọ ẹlòmíràn ni ó wá ń kọ́ wọn lọ́dọ̀ ọ̀gá tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ibí ni owó ìkọ́ṣẹ́, onídùúró àti ìwé àdéhùn ti wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Archibald Callaway ṣe ìwádìí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Ìbàdàn, ó sì ka èyí tí ó lé ní 5,000. Ó pe ètò ọmọ-iṣẹ́ ní ètò ẹ̀kọ́ àbáláyé ilẹ̀ Nàìjíríà nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1964. Apá kan ìwádìí rẹ̀ wà nínú ìwé lórí ìlú Ìbàdàn tí Lloyd, Mabógùnjẹ́ àti Awẹ́ ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1967.

Ìwé àdéhùn nílò iye kan tí bàbá ọmọ àti ọ̀gá lè jọ fọwọ́ sí. Ọdún ni wọ́n mú, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè ka ọdún láìní aago. Ọdún tún dáàbò bo ọ̀gá. Ní oṣù àkọ́kọ́, ọmọ-iṣẹ́ ń ba ohun èlò jẹ́ ju bí ó ti ń mú èrè wọlé lọ. Ọdún ìkẹyìn ni ọ̀gá fi ń rí èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àmọ́ ìwé náà kò sọ ohun tí a óò fi ọdún náà ṣe. Ọmọ tí ó fi ọdún kan pọnmi, tí ó ń gbé ọmọ ìyàwó ọ̀gá pọ̀n, ti lo ọdún kan nínú àdéhùn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jókòó sídìí ẹ̀rọ.

4.0 Òfin, ìdánwò àti wákàtí

Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 fi àyè sílẹ̀ fún òbí láti fi ọmọ tí ó ti lé ní ọdún 12 ṣùgbọ́n tí kò tíì tó ọdún 16 síṣẹ́. Ó ní kí àdéhùn wà ní kíkọ sílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó wà fún ọ̀ràn iṣẹ́ fọwọ́ sí i, kí àkókò náà má sì ju ọdún 5 lọ. Òfin yìí dá ọ̀gá dúró kí ó má baà fi ọmọ sọ́dọ̀ títí láé. Ọdún náà ni ó ṣì fi ṣe ìwọ̀n. Ní ti tirẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ̀sì ti iléeṣẹ́ ìjọba fún ọ̀ràn iṣẹ́, tí ó ní ìpele kẹta, èkejì àti èkíní, ohun tí olùdánwò bá rí lọ́wọ́ ọmọ lọ́jọ́ náà ni ó fi ń ṣe ìdájọ́.

Wákàtí wọlé láti ọ̀nà méjì. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ètò SIWES tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa mọ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dáadáa: akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́, alábòójútó ibi iṣẹ́ sì ń fọwọ́ sí i. Ọ̀nà kejì ni ètò ìwé ẹ̀rí ìmọ̀-iṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí ó wà lábẹ́ àjọ NBTE. Nínú rẹ̀ a pín iṣẹ́ sí ẹyọ-ẹyọ, a sì fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní iye krẹ́díìtì. Krẹ́díìtì 1 dúró fún wákàtí 10. Ní Amẹ́ríkà, òfin ètò ọmọ-iṣẹ́ tí ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kí ètò tí a fi àkókò wọn má dín ní wákàtí 2,000 lẹ́nu iṣẹ́. Ó tún gbà kí a fi ìmọ̀ wọn ètò mìíràn, tàbí kí a da méjèèjì pọ̀.

5.0 Ìṣirò kan

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àpẹẹrẹ kan wò. Kí a sọ pé ọmọbìnrin kan ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní tòsí Ọjà'ba fún ọdún 3. Ṣọ́ọ̀bù ń ṣí láago 8 àárọ̀, ó ń tì láago 6 ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀. Bí a bá yọ wákàtí 1 fún oúnjẹ, ó ku wákàtí 9 lójúmọ́, tàbí 54 lọ́sẹ̀. Ọdún 3 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 156, nítorí náà 54 lọ́nà 156 fún wa ní wákàtí 8,424. Iye yìí ni ọ̀gá àti òbí rò pé àwọn ń bá ara wọn dúnàádúrà lé lórí.

Ṣùgbọ́n Iléyá, Ìtúnu Ààwẹ̀, Kérésìmesì àti Àjíǹde ń gba ọ̀sẹ̀ 3 lọ́dún, àìsàn àti ìnáwó ẹbí sì gba ọ̀sẹ̀ 1 ní ọdún kìíní, 1 ní ọdún kejì àti 2 ní ọdún kẹta. Ó ku ọ̀sẹ̀ 48, 48 àti 47. Nínú wákàtí 9 ojúmọ́, gbígbálẹ̀, jíjẹ́ iṣẹ́ lọ sọ́jà àti dídúró de iná ìjọba ń gba ti wọn. Kí a sọ pé wákàtí 3 péré ni ọmọ fi kọ́ṣẹ́ lójúmọ́ ní ọdún kìíní, tí ó sì di 5 ní ọdún kejì àti ìkẹta. Ọdún kìíní jẹ́ ọjọ́ 288 lọ́nà 3, èyí jẹ́ 864. Ọdún kejì jẹ́ 288 lọ́nà 5, èyí jẹ́ 1,440. Ọdún kẹta jẹ́ 282 lọ́nà 5, èyí jẹ́ 1,410. Àpapọ̀ jẹ́ 3,714, kò tó ìdajì 8,424.

Bí àdéhùn bá béèrè fún 4,000, ó ku 286. Ní wákàtí 5 lójúmọ́, ọjọ́ 58 ni ọmọ yóò tún fi wá. Àmọ́ àpapọ̀ nìkan lè tan ni jẹ. Kí a sọ pé 500 nínú 4,000 náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti wíwọn ara àti gígé aṣọ, tí ìwé ọmọ sì fi 130 hàn. Èyí wọ́pọ̀, nítorí pé aṣọ oníbàárà tí a bá gé bàjẹ́ kò ní àtúnṣe, ọ̀gá a sì máa fi síísọ́ọ̀sì pamọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀. Wákàtí gígé tí ó kù jẹ́ 370. Ọjọ́ 74 ni ó yẹ kí ọmọ tún fi kọ́ṣẹ́, kì í ṣe 58, kí ó sì jẹ́ gígé ni yóò fi wọ́n kọ́.

6.0 Àkọsílẹ̀ àti yíyẹ̀ ẹ́ wò

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Alájọ Ṣómólú tí ó ń gba àjọ láìkọ ọ́ sílẹ̀, tí kò sì ṣìnà. A sọ ọ́ di àkàwé nítorí pé kò sí irú rẹ̀ púpọ̀. Ọ̀gá tí ó ní òun yóò rántí ọjọ́ tí ọmọ pa jẹ ní ọdún méjì sẹ́yìn ń fi ara rẹ̀ wé e. Alájọ yòókù ń lo káàdì onílà 31: oníbàárà mú ọ̀kan, alájọ mú ọ̀kan, wọ́n sì ń sàmì sí méjèèjì lọ́jọ́ tí owó bá wọlé. Ìwé wákàtí lè tọ ọ̀nà kan náà. Kí ọmọ àti ọ̀gá ní ìwé tiwọn, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́, iṣẹ́ tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, wákàtí rẹ̀ àti àmì ọwọ́ ọ̀gá. Iṣẹ́ jíjẹ́ àti ìdúró gbọ́dọ̀ ní ojú ìlà tiwọn, kí wọ́n má baà wọ inú àpapọ̀ ẹ̀kọ́. Kí a ro àpapọ̀ ní ìparí oṣù, kí a fi ìwé méjèèjì wé ara wọn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ ìwé náà wò ní ohun díẹ̀ láti kíyè sí. Oṣù tí ó ní ọjọ́ iṣẹ́ 27 kò lè ju wákàtí 243 lọ ní ṣọ́ọ̀bù oníwákàtí 9. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, irọ́ wọ̀ ọ́. Bí a bá rí wákàtí ní ọjọ́ Iléyá, tàbí bí iye kan náà bá tẹ̀ lé ara wọn fún oṣù mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí a ti jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kọ gbogbo rẹ̀. Ìwé oníbàárà tí ọ̀gá ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí jẹ́ ẹlẹ́rìí mìíràn: ọjọ́ tí kò sí aṣọ kankan níbẹ̀ kò yẹ kí ó ní wákàtí 5 ti gígé aṣọ oníbàárà.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ojú àgbà ni ó kọ́kọ́ wọn ẹ̀kọ́, kí àdéhùn láàárín àjèjì tó mú ọdún wá. Wákàtí kò lé ojú àgbà kúrò o. Ẹni tí ó pé wákàtí 4,000 tí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣì ń wọ́ kò yẹ fún ìwé ẹ̀rí. Ohun tí àkọsílẹ̀ lè ṣe ni kí ó fi hàn ibi tí ọdún ọmọ wọ̀. Nígbà tí ọ̀gá bá ní ọmọ kò tíì tó, tí òbí sì ní ọdún mẹ́ta ti pé, ìwé náà ni yóò fi hàn bóyá ọmọ ni ó pa ọjọ́ jẹ, tàbí ọ̀gá ni kò gbé síísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́. Ẹ̀bi àkọ́kọ́ ń béèrè pé kí ọmọ san ọjọ́ padà. Èkejì ń béèrè pé kí ọ̀gá kọ́ ọ láìgba owó kún un.