Ìlà Ìfojúbù ní Ọjà Tòmátì

Ní Máìlì 12, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, kò sí alátà tí kò mọ̀ pé bí ọkọ̀ tòmátì láti òkè Ọya bá pọ̀ lówùúrọ̀, owó apẹ̀rẹ̀ á wálẹ̀. Báwo ló ṣe ń wálẹ̀ tó? Ìlà kan wà tí onímọ̀ ìṣirò máa ń fà láti dáhùn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀dọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Francis Galton ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, “regression”, ti wá. Ní 1886, ó kọ̀wé pé ọmọ àwọn òbí tó ga gan-an sábà máa ń padà sún mọ́ gíga tó wọ́pọ̀ láwùjọ. Bí a bá wá pè é ní “ìlà ìpadàsẹ́yìn”, alátà á rò pé ọjà ló ń bàjẹ́. “Ìlà ìfojúbù” ló bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Ká mú iye àpẹẹrẹ, tí kì í ṣe owó ọjà gan-an. Ní ọjọ́ márùn-ún, ọkọ̀ tó dé jẹ́ 10, 20, 30, 40 àti 50. Owó apẹ̀rẹ̀ kan, ní ẹgbẹ̀rún náírà, jẹ́ 52, 46, 38, 34 àti 30. Ìpíndọ́gba ọkọ̀ jẹ́ 30, ti owó jẹ́ 40. Yọ ìpíndọ́gba kúrò lára iye kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ kìíní á fún wa ní -20 àti 12. Sọ méjèèjì di púpọ̀, ó di -240. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọjọ́, tí a ro ó pọ̀, a ó rí -560. Lẹ́yìn náà, fi ìyàtọ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 1000. Pín -560 sí 1000 láti rí b. Bí x bá jẹ́ iye ọkọ̀, tí y sì jẹ́ owó apẹ̀rẹ̀, ìlà náà gbọ́dọ̀ gba ibi tí ìpíndọ́gba méjèèjì ti pàdé, nítorí náà 40 + 0.56 × 30 ló fún wa ní 56.8:

```
b = -560 / 1000 = -0.56
y = 56.8 - 0.56x
```

“Ìdagẹ̀rẹ̀” ìlà náà ni -0.56: bí ọkọ̀ kan bá lé sí i, ìlà náà fojú bù ú pé owó apẹ̀rẹ̀ á fi 560 náírà wálẹ̀. Kò sí ìlà mìíràn tí àròpọ̀ àṣìṣe rẹ̀, tí a fi kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kéré tó tirẹ̀. Onímọ̀ ìṣirò Legendre ló kọ́kọ́ tẹ ọgbọ́n yìí jáde, ní 1805.

“Ìbárìn” sọ bí iye méjèèjì ṣe rọ̀ mọ́ ìlà tó. Ìyàtọ̀ owó, tí a fi kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, jẹ́ 320 lápapọ̀; pín -560 sí gbòǹgbò 320000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ -0.99. Àwọn kan lè fẹ́ “ìbátan”, ṣùgbọ́n ìyẹn ń fi okùnfà wọ̀lú. Òjò tó ba ojú ọ̀nà jẹ́ lè dín ọkọ̀ kù, kó sì sọ owó kíkó ẹrù di gọbọi lẹ́ẹ̀kan náà.

Bákan náà, láàárín ọkọ̀ 10 sí 50 nìkan ni ìlà yìí ti lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bí a bá fi 110 sí i, á sọ pé owó apẹ̀rẹ̀ jẹ́ -4,800 náírà. Ní apá kejì, lóṣù Karùn-ún 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ tí ìjọba Kàdúná fi kéde pàjáwìrì, irú ìlà tí a fà láti inú ọjọ́ tí ọjà dára kò lè sọ iye tí apẹ̀rẹ̀ máa jẹ́.