Ìdí tí àdánù fi ń di ìlọ́po lọ́wọ́ ẹni tó yáwó ra ìpín ìdókòwò

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà lé ní 66,000. Nígbà tí ọdún kan fi máa pé, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Àwọn tó fi owó ara wọn ra ìpín pàdánù, ṣùgbọ́n nǹkan díẹ̀ ṣì kù sí wọn lọ́wọ́. Ní ti ọ̀pọ̀ àwọn tó yáwó lọ́wọ́ báǹkì tàbí búrókà láti fi rà á, owó wọn lọ, gbèsè sì tún wà lọ́rùn wọn.

Ìṣirò kékeré kan yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yéni. Ká ní oníṣòwò kan ní N500,000, ó sì yá N500,000 mìíràn. Ó fi mílíọ̀nù kan náírà náà ra ìpín 50,000, ní N20 ẹyọ kan. Ẹnì kejì rẹ̀ náà ní N500,000, ṣùgbọ́n kò yáwó rárá. Ìpín 25,000 péré ni òun rà.

Bí iye owó ìpín bá já sí N12, ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ. Ẹni tí kò yáwó ṣì ní ìpín tó tó N300,000. Ìpín ẹni tó yáwó tó N600,000, ṣùgbọ́n N500,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó yá a lówó. N100,000 péré ló jẹ́ tirẹ̀, ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sì ti lọ. Ìdí ni pé ọjà lè já, ṣùgbọ́n gbèsè kì í bá ọjà já. Èlé orí owó náà kò tíì sí nínú ìṣirò yìí.

Ẹni tó yáni lówó kì í dúró títí ìpín yóò fi dín ju gbèsè lọ. Àdéhùn sábà máa ń sọ pé ohun tó jẹ́ ti oníbàárà gan-an kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá kan pàtó nínú iye tí ìpín náà tó. Bí ó bá dín, wọ́n á ké sí i pé kó mú owó wá kíákíá. Ìpè yìí ni àwọn búrókà ń pè ní májíìnì kọ́ọ̀lù.

Bí àdéhùn oníṣòwò yìí bá sọ pé ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni, ó yẹ kí N180,000 jẹ́ tirẹ̀ nínú N600,000 náà. N100,000 ló ní, nítorí náà yóò mú N80,000 wá láti fi dín gbèsè kù. Bí kò bá rí i, wọ́n á ta nínú ìpín rẹ̀. Ṣùgbọ́n títa N80,000 kò ní tó, nítorí pé bí gbèsè ṣe ń dín ni ìpín náà ń dín. Wọ́n ní láti ta nǹkan bí ìpín 22,200, tó tó N266,000, kí ìdá ọgbọ̀n náà tó pé.

Níbẹ̀ ni àdánù ti di àdánù tí kò ní àtúnṣe. Bí ọjà bá padà sí N20 lẹ́yìn náà, owó ẹni tí kò yáwó yóò pé N500,000. Ìpín nǹkan bí 27,800 ló kù sí ọwọ́ ẹni tó yáwó. Bí ó bá san gbèsè tó kù, nǹkan bí N322,000 ni yóò rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye owó ìpín ti padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Bí wàhálà bá kárí, títa tipátipá yìí á tún máa já ọjà wálẹ̀ sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, wọ́n pàṣẹ pé ìpín kankan kò gbọ́dọ̀ já ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́. Ó dà bí ààbò, ṣùgbọ́n àwọn olùrà kò fẹ́ rà ní iye tí wọ́n mọ̀ pé yóò tún já lọ́la. Ẹni tó fẹ́ tà kí ó lè san gbèsè kò rí ẹni tí yóò rà á, èlé sì ń gùn sí i. Nígbà tí ìjọba dá àjọ AMCON sílẹ̀ ní ọdún 2010, ó ra púpọ̀ nínú irú gbèsè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn báǹkì. Èyí kò pa gbèsè náà rẹ́. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè nìkan ló yí padà.

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí irú àdéhùn yìí lè mọ iye tí ìpè yóò ti dé. Nínú àpẹẹrẹ yìí, gbèsè gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún iye ìpín. Bí a bá pín N500,000 sí ọ̀nà 70, tí a sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100, yóò jẹ́ nǹkan bí N714,000, ìyẹn N14.29 lórí ìpín kan. Ó tún yẹ kí ó wò ó nínú ìwé náà bóyá ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún un láti mú owó wá, àti bóyá wọ́n lè ta ìpín rẹ̀ láì tún bi í léèrè. Bí kò bá ní owó mìíràn nílẹ̀ tí yóò fi dáhùn ìpè náà, ẹni tó yá a lówó ni yóò yan ọjọ́ tí wọn yóò ta ìpín rẹ̀, ìgbà tí ọjà bá sì burú jù ni ọjọ́ náà sábà máa ń bọ́ sí.